Àwòrán A Máa Bo Ara Wọn, Ohùn A Máa Dà Pọ̀: Lórí Ìlà Àkókò, Tíráàkì àti Ìpele

Ẹni tí ó bá ṣí DaVinci Resolve tàbí Adobe Premiere Pro fún ìgbà àkọ́kọ́ láti to fídíò yóò rí pẹpẹ gbọọrọ kan ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Òun ni ìlà àkókò. Àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tò lé ara wọn níbẹ̀ ni tíráàkì: ti àwòrán wà lókè, orúkọ wọn ni V1, V2, V3, ti ohùn wà nísàlẹ̀, wọ́n ń jẹ́ A1, A2, A3. Nítorí pé wọ́n jọra lójú, akẹ́kọ̀ọ́ a gbà pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé iṣẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá, àti pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wàhálà ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ yìí ti ń wá. Láti òsì sí ọ̀tún, àkókò ni, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe ohùn. Láti ìsàlẹ̀ sí òkè, ipò ní ìtumọ̀ fún àwòrán. Fún ohùn, kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan yẹ̀ wò. Ká ní a fọ̀rọ̀ wá aláró kan lẹ́nu wò ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, nípa bí a ṣe ń ṣe àdìrẹ, tí a sì gba fídíò náà sílẹ̀ ní férémù 25 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. A gbé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà sí V1, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sí A1. Kílíìpù tí a rí níbẹ̀ kì í ṣe fáìlì gan-an. Ìtọ́ka ni: ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó lọ bá fáìlì báyìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti férémù báyìí, kí ó sì dúró ní férémù báyìí. Ìdí nìyí tí a fi lè gé kílíìpù wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí fáìlì kò ní fara pa. Ìdí nìyí náà tí ojú àwòrán fi ń pọ́n, tí a ó sì ka Media Offline lórí rẹ̀, bí ẹnìkan bá gbé fáìlì kúrò nínú fódà tí ó wà.

Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú àáyá 42, aláró náà wúkọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 3. A gé ikọ́ náà kúrò, a sì fa ẹ̀yìn mọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ fò lójijì, nítorí pé férémù 75 ti kúrò láàárín. Ibí yìí ni V2 ti wúlò. A gbé àwòrán ìkòkò aró sí V2, láti ìṣẹ́jú àáyá 40 dé 46, ó sì bo ojú gígé náà mọ́lẹ̀. Òǹwòran ń wo ìkòkò, ó ń gbọ́ aláró, kò sì mọ̀ pé a gé nǹkan kan. Bí agbádá ṣe ń bo bùbá ni V2 ṣe ń bo V1, ibi tí ọrùn agbádá là sí nìkan ni bùbá ti ń yọjú. Nígbà tí a bá wá kọ orúkọ aláró náà sí V3, lẹ́tà nìkan ni ó dí. Ìyókù férémù náà mọ́ gaara bíi gíláàsì, a sì ń rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Ipò tí ohun kan wà lórí òmíràn yìí ni à ń pè ní ìpele. Bí a bá dín Opacity kílíìpù tó wà lókè kù sí ìlàjì, àwòrán méjèèjì yóò hàn papọ̀.

Ṣé tíráàkì àti ìpele wá jẹ́ ọ̀kan náà ni? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tíráàkì kan lè gba kílíìpù púpọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àmọ́ méjì kò lè wà lójú kan lórí rẹ̀: bí a bá ju kílíìpù kan lu òmíràn lórí V1, èyí tí ó dé kẹ́yìn ni yóò jẹ ibi tí ó bọ́ sí. Nínú After Effects ẹ̀wẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ìpele kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìyẹn dára fún àkọlé tí ń jó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí a bá fi to ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí ó ní ojú gígé ọgọ́ta, yóò di ọgọ́ta ìlà tí ojú kò lè ká.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ohùn. Ohùn aláró wà ní A1, ariwo ọjà ní A2, orin ní A3. Bí a kò bá ì tí ì yí agbára tíráàkì kankan padà, ẹ gbé orin lọ sí A1, kí ẹ gbé aláró sí A3: etí kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún àwòrán, kí ìkòkò aró bọ́ sí V1 kí aláró sì wà lókè rẹ̀: ìkòkò pòórá. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ló yàtọ̀. Ní ti àwòrán, láti òkè ló ti ń wò, bí ohun tí ó bá pàdé bá sì dí pátápátá, ibẹ̀ ló parí sí. Ní ti ohùn, ó ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Ẹ̀dà ohùn kan náà lórí tíráàkì méjì yóò fi dẹ̀síbẹ̀lì 6 ga sí i; bí ibi tí ó ga jù bá ti wà ní −6 tẹ́lẹ̀, yóò kan 0, tí í ṣe òpin. Èyí tí ó bá kọjá 0 ni a ó gé lórí nígbà tí a bá gbé fídíò jáde, ohùn náà yóò sì máa ha. Ohun tí ó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé mítà tíráàkì kọ̀ọ̀kan lè wà ní àlàáfíà nígbà tí mítà àpapọ̀ ti pọ́n. Mítà àpapọ̀ ni kí a máa wò.

Ẹnìkan lè ta kò mí pé a ti gbọ́ fíìmù tí orin ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára orin ló ṣe é, kì í ṣe ipò rẹ̀; ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú àròpọ̀. Ẹni tí ó bá lọ ń gbé tíráàkì sókè sódò kò ní rí i tún ṣe. Kí ó fa orin wálẹ̀ tó dẹ̀síbẹ̀lì 15 sí 20 sábẹ́ ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí etí ṣe ìdájọ́. Bí gángan bá wà nínú orin náà, kí ó tún fà á wálẹ̀ sí i, nítorí pé etí Yorùbá yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Ẹlòmíràn lè sọ pé Final Cut Pro X tí Apple gbé jáde ní ọdún 2011 ti pa tíráàkì tì. Bẹ́ẹ̀ ni, kílíìpù ni ó ń so mọ́ kílíìpù níbẹ̀. Síbẹ̀, àwòrán tí a so sókè ni ó ń bo ti ìsàlẹ̀, ohùn sì ń dà pọ̀. Ìṣètò ojú rẹ̀ ni ó yí padà, ìṣirò rẹ̀ kò yí.

Ewu kan ṣẹ́ kù nínú ikọ́ tí a gé yẹn. Bí a bá fa V1 nìkan síwájú tí A1 sì dúró síbi tí ó wà, ẹnu aláró yóò fi férémù 75 ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò kọ nọ́ńbà pupa sára kílíìpù náà láti kìlọ̀, bí a kò bá ti tú àwòrán àti ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lára wọn. Kò sí ìkìlọ̀ irú bẹ́ẹ̀ fún V3: orúkọ tí a ti fi sí ìṣẹ́jú àáyá 60 tẹ́lẹ̀ yẹ kó bọ́ sí 57 báyìí, bí a bá sì gbàgbé rẹ̀, yóò pẹ́ dé. Nítorí náà, kí gbogbo tíráàkì jọ rìn nígbà tí a bá ń gé àkókò kúrò. Nínú Premiere, Sync Lock ni ó ń rí sí èyí.

Bí àwòrán kan bá kọ̀ tí kò hàn, ẹ lọ sí àkókò náà, kí ẹ máa pa tíráàkì láti òkè wálẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi yọ. Èyí tí ẹ pa kẹ́yìn ló bò ó. Bí ohùn bá ń ha, ẹ tẹ S lórí tíráàkì kọ̀ọ̀kan kí ó lè dá sọ̀rọ̀. Bí ó bá dá sọ̀rọ̀ tí kò ha, àròpọ̀ ni ó jẹ̀bi, ẹ dín agbára kù. Bí ó bá ṣì ń ha ní òun nìkan, tí a kò sì gbé agbára rẹ̀ sókè, láti ojú maikirofóònù ni ó ti bàjẹ́ wá, kò sì sí ibi tí a lè gbé e sí lórí ìlà àkókò tí yóò wò ó sàn.