Ìdí Tí Àárín Kéèkì Fi Ń Jìn Wọnú

Kéèkì tó wú dáadáa lórí iná, tí àárín rẹ̀ sì wá jìn wọnú, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé páódà ló kéré. Èmi gbà pé páódà tó pọ̀ jù ló sábà máa ń fà á, bọ́tà tó yọ́ ló sì ń tàn wá bù ú kún un.

Bí a bá ń po bọ́tà pọ̀ mọ́ ṣúgà, hóró ṣúgà ń kó afẹ́fẹ́ wọ inú bọ́tà, ní ihò tíntìntín tí ojú kò rí. Páódà kì í dá ihò mìíràn. Inú ihò tí ọwọ́ wa ti ṣe ni atẹ́gùn rẹ̀ ń wọ̀, tí yóò fi fẹ̀ wọ́n. Bọ́tà tó rọ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì tutù díẹ̀, bí ìwọ̀n 20 Sẹ́líṣíọ̀sì, ló ń di afẹ́fẹ́ mú jù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ oòrùn oṣù Kẹta ní Òkè-Ògùn: bọ́tà á ti fẹ́ di òróró kí a tó bẹ̀rẹ̀. A pò ó títí, kò funfun, kò fúyẹ́. Ìyẹ̀fun gíráàmù 250, tí ṣíbí tíì 2 páódà tó fún, ni a wá bu ṣíbí 4 sí.

Atẹ́gùn púpọ̀ wá rọ́ wọ ihò díẹ̀. Ihò ń fẹ̀, ara wọn ń fẹ́lẹ́, wọ́n ń wọnú ara wọn, wọ́n ń bẹ́. Ìyẹn ì bá má burú tó bí kéèkì bá ti le. Ṣùgbọ́n etí agolo ni ooru ti ń wọlé lọ sí àárín, ẹyin àti ìyẹ̀fun kì í sì í le dáadáa kí inú kéèkì tó gbóná kọjá bí ìwọ̀n 80. Etí ti le, ó ti dúró. Àárín ṣì ń ṣàn nígbà tí ihò rẹ̀ bẹ́. Ibẹ̀ ló ń wó.

Ooru nìkan náà lè fà á. Ẹni tó ń fi ìkòkò oníyanrìn yan kéèkì lórí èédú, tó ṣí ìdérí wò ní ìṣẹ́jú 15, ti lé ooru jáde, èédú kì í sì í tètè dá a padà. Atẹ́gùn inú kéèkì á sún kì, kò sì tíì sí ohun tó lè gbé àárín ró. Bí iná bá sì mú jù, òkè á pọ́n, a ó rò pé ó ti jinná, a ó gbé e kúrò kí àárín tó le.

Ẹ gé kéèkì náà wò. Bí àárín bá gbẹ, tí ihò rẹ̀ tóbi, ẹ padà sí páódà ṣíbí 2, kí ẹ gbé àwo bọ́tà ka omi tútù kí ẹ tó pò ó. Bí ibẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, tó ń dán bí ẹ̀kọ, ẹ fi páódà sílẹ̀. Ẹ dín iná kù, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i lórí rẹ̀.