Yẹ́lò tó dúró, yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú

Ká ní ẹ ń wakọ̀ bọ̀ láti Máìlì 12, ẹ fẹ́ dé oríta kan ní Kétu, iná yẹ́lò tàn, kò ṣẹ́jú. Pupa ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ dúró sẹ́yìn ìlà funfun, àfi tẹ́ ẹ bá ti sún mọ́ ọn débi pé bíréèkì òjijì lè mú kí ọkọ̀ ẹ̀yìn kọlù yín.

Tó bá ń ṣẹ́jú ńkọ́? Iná náà ò pín ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn. Ẹ má dúró de pupa tàbí gíríìnì. Ẹ dẹ eré, ẹ wo ọ̀tún àti òsì, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ tó ti wọ oríta kọjá ná. Ó ṣeé ṣe kó máa ṣẹ́jú sí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ náà, kóun náà sì rò pé òun ló kàn.