Ìbéèrè Ìdánwò Lórí Ìlù Ọkàn Tí Kò Dọ́gba

Bébà ECG tí a fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́ ti ìṣẹ́jú-àáyá 6, àpótí ńlá 30. Ìyá ẹni ọdún 72 ló ni ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àyà rẹ̀ sì ń lù kì-kì-kì.

Ìbéèrè kìíní: ìgbà mélòó ni ọkàn yìí ń lù ní ìṣẹ́jú kan? Ìdáhùn: ẹ ka àwọn ṣóńṣó QRS. Wọ́n jẹ́ 14. Ní ìlọ́po 10, ó di 140. Ẹ má fi àlàfo ṣóńṣó méjì péré ṣírò, torí àwọn àlàfo náà kò bára mu.

Ìbéèrè kejì: irú ìlù wo ni? Ìdáhùn: éétíríà fìbúríléṣàn tó ń yára. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé àlàfo àwọn QRS kò ní ìlànà kankan, kò sì sí ìgbì P níwájú wọn.

Ìbéèrè kẹta: kí ni ewu rẹ̀? Ìdáhùn: yàrá òkè ọkàn ń gbọ̀n dípò kó fún. Ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kó lọ sínú ọpọlọ, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Pẹ̀lú ọjọ́ orí ìyá yìí àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tọ́ sí i, bí kò bá sí ìdíwọ́.

Nínú ìdánwò, ẹ má kọ orúkọ ìlù láìkọ ẹ̀rí rẹ̀.