Bí A Ṣe Ń Fi Ráútà Àlòkù Gbé Wáì-fáì Dé Ẹ̀yìn Ilé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń ṣòwò ní Òkè Ọya yìí ni ó ní ráútà kan tí a ti pa tì sábẹ́ káńtà. Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ wà níwájú ilé, ṣùgbọ́n wáì-fáì rẹ̀ kò la ògiri dé yàrá ẹ̀yìn. Àwọn kan bi wá bóyá a lè fi wáyà fa èyí àlòkù sí ẹ̀yìn. A lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́kọ́ tún inú rẹ̀ tò, gbogbo ilé lè pàdánù íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń ta aṣọ kàn fa wáyà láàárín méjèèjì, wáì-fáì sì yọ lójú fóònù ní yàrá ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù àwọn kan ń ṣiṣẹ́, ti àwọn mìíràn kọ̀, ẹ̀rọ tí ó fi ń gba owó káàdì sì dákẹ́ lójú oníbàárà.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ráútà ni ó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, òun náà ni ó sì ń fi ọ̀nà ìta hàn wọ́n. Iṣẹ́ pínpín yìí ni ojú ẹ̀rọ ń pè ní `DHCP`. Ráútà méjèèjì ń jẹ́ àdírẹ́sì kan náà, `192.168.1.1`, àwọn méjèèjì sì ń pín. Ó dà bí ìgbà tí akọ̀wé méjì bá ń kọ nọ́ńbà sí káàdì ọmọ ẹgbẹ́ láì gbọ́ ti ara wọn. Fóònù tí àlòkù bá kọ́kọ́ dá lóhùn, ọ̀dọ̀ àlòkù ni yóò ti máa wá ọ̀nà ìta, bẹ́ẹ̀ ni àlòkù kò ní ọ̀nà ìta kankan.

Ọ̀dọ̀ ráútà iwájú ni a ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. A rí i pé ó ń pín láti `192.168.1.2` títí dé `192.168.1.254`. A sọ fún un pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti `192.168.1.20`, kí àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lè ṣófo fún wa.

Lẹ́yìn náà ni a yọ àlòkù kúrò lára ti iwájú pátápátá. A tanná sí i, a sì fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré `Reset` fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ó gbàgbé ohun àtijọ́. A fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò `LAN` rẹ̀, a sì ṣí `192.168.1.1`. A fún wáì-fáì rẹ̀ ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà pẹ̀lú ti iwájú. Ní ojú ìwé `LAN`, a sọ àdírẹ́sì rẹ̀ di `192.168.1.2`. Ojú ìwé náà yóò pòórá. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣí `192.168.1.2` dípò rẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó lọ sí `DHCP Server`, kí ẹ yan `Disable`. A fi í ṣe ìgbẹ̀yìn nítorí pé ráútà tí kò pín àdírẹ́sì mọ́ kì í rọrùn láti wọlé sí bí ó bá dá wà.

Wàyí o, ẹ fa wáyà láti ihò `LAN` ti iwájú sí ihò `LAN` ti àlòkù. Ihò `WAN`, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀, gbọ́dọ̀ ṣófo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Bí wáyà bá wọ ibẹ̀, àlòkù yóò dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ wá, kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn lè má rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà níwájú. Àwọn ráútà kan ní `Access Point Mode`. Bí tiyín bá ní in, ẹ yàn án, ẹ sì tẹ̀lé ohun tí ó bá sọ nípa ihò wáyà. Kí wáyà náà má gùn ju mítà 100 lọ.

Kí a lè mọ̀ bí ó ti rí, a so kọ̀ǹpútà mọ́ wáì-fáì ẹ̀yìn, a sì tẹ èyí:

```
ipconfig
```

`Default Gateway` gbọ́dọ̀ jẹ́ `192.168.1.1`. Bí ó bá jẹ́ `192.168.1.2`, àlòkù ṣì ń pín àdírẹ́sì. Bí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `169.254`, kò sí ẹni tí ó fún un ní nǹkan kan. Ẹ wo wáyà. Fóònù tí ó bá ṣì ń ṣagídí, ẹ pa wáì-fáì rẹ̀ kí ẹ tún tàn án, nítorí ó lè ṣì di àdírẹ́sì àná mú.

Ti oníṣòwò aṣọ náà ti dáa láti ọjọ́ tí a ti ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n iná ọba kò mọ̀ pé a tún ráútà ṣe: bí ẹ̀rọ tí ń pa iná mọ́ bá gbé ti iwájú nìkan, ẹ̀yìn yóò dákẹ́ nígbà tí iná bá lọ. A sì kọ `192.168.1.2` sí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àlòkù, fún ẹni tí yóò ṣí i lọ́jọ́ mìíràn.