Ọ̀rọ̀ tí Alága Bá Ẹgbẹ́ Sọ Lórí Iṣẹ́ Abẹ Tí Ń Dín Sísanra Kù

Arábìnrin wa kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Kánò níbí ló jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó ti yọ̀ǹda kí a sọ ọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀.

Kìlógíráàmù 112 ló wọ̀n, ó sì ga ní mítà 1.60. Bí a bá fi 1.60 pín 112, tí a tún fi 1.60 pín èyí tí a rí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 44. Òǹkà yìí ni dókítà ń wò. Láti ọdún 2022, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí lágbàáyé ń sọ ni pé ẹni tó bá tó 35 lè ṣe é. Ẹni tó bá tó 30 tó sì ní àtọ̀gbẹ, wọ́n lè gbé tirẹ̀ yẹ̀ wò.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èkíní, wọ́n á gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù. Èyí tó kù á rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tín-ín-rín, kò sì ṣeé dá padà. Nínú èkejì, wọ́n á ya àpò kékeré bí ẹyin sọ́tọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀.

Èkíní ni arábìnrin wa lọ ṣe ní Èkó. Ewu àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ojú rírán máa jò: ibà, inú rírun, àyà tó ń yára lù. Èyí kò ṣẹlẹ̀ sí i. Ó padà sí Kánò, ó sì pa fítámínì rẹ̀ tì. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ń bì lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á ṣìnṣìn, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dàrú. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa ló bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ kankan?” Fítámínì B1 ló tán lára rẹ̀. Ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ara ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, èébì sì máa ń tètè gbé e tán. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ B1 kí wọ́n tó fa dírípù oníṣúgà sí i, nítorí ṣúgà máa ń lo èyí tó ṣẹ́kù tán. Ojú rẹ̀ là láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò tán.

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe é yóò máa lo fítámínì títí ọjọ́ ayé rẹ̀, yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà ni yóò kọ́kọ́ jẹ kó tó kan ẹ̀bà, díẹ̀díẹ̀, kí ó sì rún un dáadáa. Kò ní mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ; kí ó dúró ní ìṣẹ́jú 30. Bó bá ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri ọjọ́, sísanra yóò padà. Obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún kí ó tó pé ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀.

Ẹ má fi í pamọ́ fún ará ilé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi sínú àpamọ́wọ́ yín, kí ẹni tó bá gbé yín dé ọsibítù lè rí ohun tí yóò sọ.