Kí Ló Dé Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Kì Í Jáde Dìbò?

Lónìí, ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 34 tí orúkọ wọn wà nínú ìwé INEC lé ní mílíọ̀nù 37. Gbogbo èèyàn tó dìbò lọ́jọ́ náà, tọmọdé tàgbà, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Ká tiẹ̀ ní ọ̀dọ́ nìkan ló dìbò, tí kò sí àgbà kankan níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó lé ní mílíọ̀nù 11 ṣì jókòó sílé. Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ o! Kí ló wá dá wọn dúró?

Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni wá. Ẹ gbọ́ ti ọ̀rẹ́ mi kan. Ìbàdàn ló ti ń kàwé nígbà tó forúkọ sílẹ̀. Ó jáde, ó ríṣẹ́ l'Ékòó. Ní Nàìjíríà, ibùdó tí orúkọ èèyàn bá wà nìkan ló ti lè dìbò. Ó lè gbé orúkọ ẹ̀ wá s'Ékòó, àmọ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022 ni INEC ti parí ìforúkọsílẹ̀, nígbà tí ìdìbò ṣì ku nǹkan bí oṣù méje. Àfi kó wọkọ̀ lọ s'Íbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Àsìkò yẹn náà ni owó náírà wọ́n bí ojú. Bó ṣe jókòó sílé nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà dáwó fún ìwọ́de #EndSARS lọ́dún 2020. Owó tí Feminist Coalition, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin, rí gbà lé ní mílíọ̀nù 147 náírà. Wọ́n fi bọ́ àwọn èèyàn, wọ́n fi san owó ìtọ́jú àti ti lọ́yà. Nígbà tí ọ̀nà báńkì dí, wọ́n ń gba bítíkọ́ìnì. Wọ́n sì ń gbé ìṣirò owó náà sórí ayélujára kí gbogbo ayé lè rí i. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ọ̀gá ọlọ́pàá kéde pé òun ti tú SARS ká.

Lónìí, Tracka ló ń lò. Á wo iṣẹ́ tí ìjọba kọ sínú ìwé ìṣúná fún àdúgbò kan, bíi omi ẹ̀rọ. Á lọ síbẹ̀, á ya fọ́tò, á gbé e síta bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn ò ṣe é.

Àmọ́ fọ́tò ò lè yọ aṣòfin nípò. Ìbò ló ń yan ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìṣúná yẹn. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti kó lọ sílùú mìíràn, ẹ má dúró di oṣù ìdìbò. Ìgbà tí INEC bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé orúkọ yín tẹ̀ lé ara yín.

Ìlú wo lorúkọ yín wà, ìlú wo lẹ sì ń gbé? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dàbọ̀.