Kéèkì Ta Ni?

Ká ní alásè kan àti oníkéèkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ jọ máa gba iṣẹ́ ìgbéyàwó. Alásè ló kọ ìkéde: "A ti ń ṣe kéèkì báyìí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa."

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe. Ó ti sọ oníkéèkì di ọmọ iṣẹ́. Alásè ni wọ́n á máa pè nítorí kéèkì, bí kéèkì bá sì wó, òun náà ni wọ́n á bú. Kò gbè ẹnì kankan nínú wọn.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Lágbájá ló ń se oúnjẹ, Tàmẹ̀dò ló ń ṣe kéèkì. A jọ ń gba iṣẹ́ ni, àmọ́ kálukú ló ń gba owó tirẹ̀." Kí nọ́ńbà àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ní ti orúkọ tó máa ṣáájú, kí kálukú fi ti ẹnì kejì ṣáájú nínú ìkéde tirẹ̀.

Lórí Instagram, "Invite collaborators" máa ń gbé ìkéde kan ṣoṣo sójú ìwé àwọn méjèèjì, bí ẹnì kejì bá ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀ ló ni ín. Bó bá pa á rẹ́, ó pòórá lójú ìwé méjèèjì nìyẹn. Torí náà, kí kálukú tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì kó kà á. Bó bá ní kí ẹ yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ yí i. Ó dìgbà o.